Lẹ́tà sí Onílé Iwájú: Àgbéyẹ̀wò Ọ̀rọ̀ Ọ̀nà tí Ó Lọ sí Ilẹ̀ Ẹ̀yìn

Ilẹ̀, ọ̀gẹ́rẹ́ afọkọ́yẹrí, tí ó gbé àwọn baba wa mì tí kò sì yó, kò fi ìgbà kan ṣaláìní ẹjọ́ nílẹ̀ Yorùbá. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo ẹjọ́ tí ó ń bí lóde òní, n kò mọ èyí tí ó tètè ń sọ aládùúgbò méjì di ọ̀tá bí ọ̀rọ̀ ẹni tí ó ra ilẹ̀ sí ẹ̀yìn ilé ẹlòmíràn, tí ó sanwó, tí ó gba rìsíìtì, tí ó ri òpó bíkìn mọ́ igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, tí kò sì ní ibi tí yóò gbà dé orí ilẹ̀ náà àfi kí ó la àgbàlá onílé iwájú kọjá. Ní Ìbàdàn, ilé Olúyọ̀lé, ọ̀rọ̀ yìí wọ́pọ̀ ju bí ẹni tí ń gbé ní ibi tí ìjọba fi okùn pín sí pulọ́ọ̀tì yóò ti rò lọ. Ìdí rẹ̀ kò fara sin. Ẹbí tí ó ni ilẹ̀ kì í sábà ya títì sórí ìwé kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í tà á. Ẹ̀bá ọ̀nà ni wọ́n ń kọ́kọ́ tà, nítorí ibẹ̀ ni owó wà, nígbà tí ìnáwó mìíràn bá sì dé, ìsìnkú ni o, oyè ni o, wọn a ta èyí tí ó kù lẹ́yìn, wọn a sì fi ẹnu sọ fún ẹni tí ń rà á pé kí ó má ṣèyọnu, ọ̀nà ń bẹ. Ọ̀nà tí wọ́n ń wí náà, ipasẹ̀ oko ni, èyí tí ó ti inú èèsún àti igi kòkó wá, tí onílé iwájú yóò sì mọ odi dí lọ́jọ́ tí ọwọ́ rẹ̀ bá tẹ búlọ́ọ̀kù.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ bá dé báyìí ni ènìyàn ń ronú lẹ́tà. Àwọn lẹ́tà tí mo ti rí lórí ọ̀rọ̀ yìí kò ju ẹ̀yà mẹ́ta lọ. Èkíní ni lẹ́tà ẹ̀bẹ̀, èyí tí ó kún fún ẹsẹ Bíbélì tàbí ti Kùránì láti òkè dé ilẹ̀, tí ẹni tí ó kọ ọ́ kò sì sọ níbì kankan ibi tí ọ̀nà yóò gbà, bí yóò ti fẹ̀ tó, tàbí bóyá ẹsẹ̀ ni yóò fi rìn ín tàbí ọkọ̀. Èkejì ni lẹ́tà lọ́yà, tí ó fún baba arúgbó ní ọjọ́ méje láti wó ògiri rẹ̀ lulẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kóòtù. Ẹ̀kẹta ni èyí tí ó dára jù, òun náà ni ó sì ṣọ̀wọ́n jù: lẹ́tà ẹni tí ó ti wádìí kí ó tó fi kálàmù kan ìwé. Àwọn àgbà wí pé ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ búburú ní í yọ ọfà lápó, òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n lórí ilẹ̀, ọ̀rọ̀ rere tí kò ní ìwádìí nínú lè ṣe olùkọ̀wé ní ibi tí ọfà kò lè ṣe é. Ibẹ̀ ni mo fẹ́ kí a ti bẹ̀rẹ̀.

Ohun àkọ́kọ́ tí ó yẹ kí ẹni tí ó ni ilẹ̀ ẹ̀yìn wádìí ni bóyá ohun tí ó ń fẹ́ lọ tọrọ kì í ṣe ohun tí ó ti jẹ́ tirẹ̀ tẹ́lẹ̀. Òfin tí àwọn kóòtù wa jogún láti ọwọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbà pé bí ilẹ̀ iwájú àti ti ẹ̀yìn bá ti jẹ́ ti olówó kan náà nígbà kan, tí olówó yìí sì ta ọ̀kan lọ́nà tí ó fi há èkejì mọ́lẹ̀ tí kò ní ọ̀nà kankan mọ́, a ó kà á sí pé ọ̀nà ti wà nínú títà náà, bí ìwé kò tilẹ̀ sọ ọ́. Nítorí kò bá ọgbọ́n mu pé kí ènìyàn ra ilẹ̀, tàbí kí ó fi ilẹ̀ pamọ́ fún ara rẹ̀, tí òun fúnra rẹ̀ kò ní lè fi ẹsẹ̀ tẹ̀. Nítorí náà, bí ó bá jẹ́ ẹbí kan ṣoṣo ni ó ta iwájú fún Bàbá onílé iwájú tí ó sì wá ta ẹ̀yìn fún ọ, ìwádìí rẹ yóò kọ́kọ́ gba ilé ẹbí náà lọ, kì í ṣe ọ̀dọ̀ Bàbá: kí o béèrè ọdún tí wọ́n ta èyí, ọdún tí wọ́n ta ìyẹn, kí o sì rí ìwé méjèèjì. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe na òfin yìí kọjá ibi tí ó mọ. Àìrọ́nà rárá ni ó ń wí, kì í ṣe ọ̀nà tí kò rọrùn. Bí ipasẹ̀ kan bá wà tí ó gba ẹ̀yìn lọ sí odò, ìbáà ṣe ẹlẹ́sẹ̀ nìkan ni ó lè gbà á, ìbáà kún fún ẹrẹ̀ nígbà òjò, adájọ́ lè wí pé ilẹ̀ rẹ kò há, ìrìn rẹ ni ó gùn.

Ohun kejì ni lílò láti ìgbà pípẹ́. Bí àwọn tí ó ti ń lo ilẹ̀ ẹ̀yìn bá ti ń gba ojú kan náà kọjá fún ogún ọdún láìdáwọ́ dúró, ní gbangba, tí wọn kò fi ipá gbà á, tí wọn kò sì tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, òfin Gẹ̀ẹ́sì tí mo wí yìí gbà pé ó ti di ẹ̀tọ́. Kí òǹkàwé jọ̀wọ́ dúró lórí gbólóhùn ìkẹyìn yẹn, nítorí òun ni àwọn olùkọ lẹ́tà ẹ̀bẹ̀ kì í mọ̀. Ẹni tí ó tọrọ àyè, tí a sì yọ̀ǹda fún, àánú aládùúgbò rẹ̀ ni ó ń rìn lé, ìbáà rìn ín fún ọgọ́rùn-ún ọdún; ọjọ́ tí a bá ní kò gbọdọ̀ kọjá mọ́, ó parí. Ẹ wá wo ọmọ tí baba rẹ̀ ti gba ẹ̀gbẹ́ ilé kan kọjá lọ sí oko láti ìgbà tí ilé náà ti wà ní òrùlé bẹ́ẹ̀rẹ̀, tí ẹnikẹ́ni kò sì bi baba náà léèrè rí; ọmọ jogún ilẹ̀, ó kàwé, ó sì rò pé ọmọlúàbí ni òun ń ṣe bí òun ti kọ̀wé sí onílé iwájú pé, "Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi yọ̀ǹda ọ̀nà." Ọwọ́ ara rẹ̀ ni ó fi kọ ẹ̀rí tí lọ́yà ẹnìkejì yóò tẹ́ síwájú adájọ́ pé kò sí ẹ̀tọ́ kankan níbẹ̀, ojúure ni. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kò ṣàìní lẹ́tà tí yóò kọ, ṣùgbọ́n ohun tí yóò wí nínú rẹ̀ yàtọ̀: yóò kí Bàbá dáadáa, yóò sọ pé ọ̀nà tí àwọn ti ń gbà láti ayé baba òun ni òun fẹ́ kí àwọn jọ wọ̀n, kí àwọn sì fi sínú ìwé, kí ọmọ tọ̀tún tòsì má baà jà lé e lórí lọ́la. Ẹ̀bẹ̀ kò sí nínú èyí, àfojúdi náà kò sì sí.

Lọ́dọ̀ àwọn ará wa tí ó wà lábẹ́ òfin tí ó ti ọ̀dọ̀ àwọn Faransé wá, ọ̀rọ̀ náà gba ibòmíràn. Ìwé òfin àwọn Faransé ti 1804 ti sọ ọ́ gbangba pé ẹni tí ilẹ̀ rẹ̀ há, tí kò ní ibi tí ó lè gbà jáde sí títì, lè fi dandan gba ọ̀nà lórí ilẹ̀ aládùúgbò, bí ó bá ti lè san owó gbà-má-bínú tí ó tó ìpalára tí ó ṣe. Ìwé òfin Brasil ti 2002 náà ní ìlànà tí ó jọ ọ́. Àwa tí a wà ní ìhà tí Gẹ̀ẹ́sì ti ṣe àkóso kò ní irú agbára bẹ́ẹ̀. Bí ilẹ̀ méjèèjì kò bá ti ọwọ́ olówó kan náà wá, tí kò sì sí lílò ọlọ́jọ́ pípẹ́, onílé iwájú lè wí pé òun kò fẹ́, ọ̀rọ̀ sì parí síbẹ̀. Ní tèmi, ìlànà ti àwọn Faransé tẹ́ mi lọ́rùn ju tiwa lọ, nítorí kò fi ilẹ̀ ènìyàn sí ìhámọ́ nítorí ìbínú ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n ohun tí ó wà lọ́wọ́ wa ni a ó lò, òun náà ni ó sì sọ lẹ́tà di ohun ńlá lọ́dọ̀ wa, nítorí lọ́pọ̀ ìgbà, òun nìkan ni ohun tí olùtọrọ ní.

Ta ni a ó kọ ọ́ sí? Ọ̀pọ̀ ń kọ ọ́ sí ẹni tí wọ́n bá rí lójú fèrèsé. Ayálégbé kò lè fi ọ̀nà fún ẹnikẹ́ni, bí ó ti wù kí ó ti pẹ́ tó nínú ilé. Bí ilé náà bá jẹ́ ilé ẹbí, tí baba tí ó kọ́ ọ ti kú, tí àwọn ọmọ ìyá mẹ́ta sì jùmọ̀ ń gbé inú rẹ̀, ìdáhùn ẹni tí ó bá pọ̀ ní ẹnu jù kò tó nǹkan. Ní 1959, nínú ẹjọ́ Ekpendu àti Erika, ilé-ẹjọ́ gíga jù lọ ti ìjọba àpapọ̀ wí pé ilẹ̀ ẹbí tí olórí ẹbí bá tà láìfi tó àwọn àgbà ẹbí létí, àwọn àgbà náà lè mú un kúrò nílẹ̀. Èyí tí àwọn àgbà bá sì tà lẹ́yìn olórí ẹbí, òfo ni láti ìbẹ̀rẹ̀. Títà ni ẹjọ́ náà dá lé, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí ó máa dúró títí láé, ẹ̀ka kan nínú ilẹ̀ ni, ọlọ́gbọ́n yóò sì fi ojú kan náà wò ó. Nítorí náà, Mọ́gàjí ni a ó kọ lẹ́tà sí ní Ìbàdàn, a ó sì dárúkọ àwọn àgbà ìdílé kọ̀ọ̀kan mọ́ ọn, kí olúkúlùkù lè gba tirẹ̀. Ẹni tí ó bá fo ẹnìkan dá nítorí pé obìnrin ni, tàbí nítorí pé ó ń gbé ní Èkó, ẹni tí yóò pè é lẹ́jọ́ ni ó fò dá yẹn.

Ẹ jẹ́ kí a fi àpẹẹrẹ kan wo bí gbogbo èyí ṣe ń rí lójú ilẹ̀. Ká sọ pé obìnrin kan tí ń ta aṣọ ra pulọ́ọ̀tì kan lẹ́yìn ilé tíṣà kan tí ó ti fẹ̀yìn tì, ní ìhà kan tí ìlú ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbòòrò dé. Ẹbí méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ó ta ilẹ̀ méjèèjì. Ààlà ẹbí méjèèjì, tí a fi pèrègún sàmì sí, gba àárín wọn kọjá. Àwọn tí ó ta tirẹ̀ fún un ń gba ojú odò kékeré kan dé oko wọn tẹ́lẹ̀, lórí pákó tí wọ́n tẹ́, ọkọ̀ kò sì lè gba ibẹ̀ láéláé. Ẹ rí i pé kò ní nǹkan kan tí ó lè fi pe tíṣà lẹ́jọ́: olówó kan náà kọ́ ni ó ta ilẹ̀, kò sí ẹni tí ó ti gba ojú ibẹ̀ kọjá rí, ilẹ̀ rẹ̀ kò sì há pátápátá. Títọrọ nìkan ni ó kù.

Kí ó tó kọ ohunkóhun, ó bẹ wọnlẹ̀wọnlẹ̀ kan, ó sì lọ kí Bàbá Tíṣà kí wọ́n tó fa okùn. Pulọ́ọ̀tì Bàbá jẹ́ ọgọ́ta ẹsẹ̀ bàtà ní ìbú, ọgọ́fà ní gígùn. Ògiri ilé jìnnà sí ààlà ọwọ́ òsì ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rìnlá, sí ti ọwọ́ ọ̀tún ní mọ́kànlá. Ẹni tí kò wo ilẹ̀ yóò sọ pé ọwọ́ òsì ni kí ọ̀nà gbà, òun ni ó fẹ̀. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni sọ́kàwéè wà, kànga ẹ̀gbin tí wọ́n da kọnkéré pẹlẹbẹ bò lórí, tí koríko sì ti hù lé. Kọnkéré irú èyí, ènìyàn ni wọ́n dà á fún láti rìn lé. Ọkọ̀ kékeré lè gùn ún títí ọjọ́ kan, ṣùgbọ́n tipa tí ó ru yanrìn yóò wọ inú rẹ̀ lọ ní ọjọ́ àkọ́kọ́, ẹni tí ó tọrọ ọ̀nà yóò sì di ẹni tí ń ṣe ilé ìyàgbẹ́ fún onílé. Nítorí náà, ọwọ́ ọ̀tún ni, níbi tí kò sí ju ilé ìdáná onípáánù kan àti igi mángòrò tí ó ti dàgbà jù láti so.

Ẹ wá gbọ́ ìṣirò tí ó mú obìnrin yìí rẹ ara rẹ̀ sílẹ̀. Tipa fẹ̀ tó nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà mẹ́jọ, láìka dígí ẹ̀gbẹ́ mọ́ ọn. Bí ó bá fẹ́ kí ó wọlé láìfara kan ògiri, ẹsẹ̀ bàtà méjìlá ni yóò tọrọ. Méjìlá ní ọgọ́fà jẹ́ ẹgbèje lé ogójì, èyíinì 1,440, nínú 7,200 tí ó jẹ́ gbogbo ilẹ̀ Bàbá: ìdá kan nínú márùn-ún! Ilé kò tilẹ̀ fi méjìlá sílẹ̀. Bí ó bá tọrọ mẹ́wàá, ó di 1,200, ìdá kan nínú mẹ́fà. Ọkọ̀ kékeré àti píkọ́ọ̀pù yóò gbà á dáadáa, tipa yóò sì dúró sẹ́nu ọ̀nà kí ó da ẹrù sílẹ̀, kí wọ́n máa fi bárò kó o wọlé. Ó gbà láti fara mọ́ ìnáwó bárò. Lójú tèmi, ìpinnu yìí ni ó gba ọ̀nà fún un, kí ó tó kọ gbólóhùn kan. Nítorí ohun tí ń ba onílé iwájú lẹ́rù kì í ṣe aládùúgbò tuntun tí ń rìn kọjá, ọkọ̀ ńlá tí ń mi ìpìlẹ̀ ilé ni.

Lẹ́tà tí ó kọ nìyí:

"Ẹ̀yin Bàbá wa, Bàbá Tíṣà,

Mo kí yín, mo kí Màmá, mo sì kí àwọn ọmọ nílé lóko. Ẹ kú ìnáwó ìdána ọmọ tí ẹ ṣe kọjá yìí. Kí Olúwa fi àwọn ìyókù rẹ̀ ṣe é ní ìrọ̀rùn.

Bàbá, bí mo ti sọ fún yín nígbà tí mo wá kí yín pẹ̀lú wọnlẹ̀wọnlẹ̀, èmi ni mo ra ilẹ̀ tí ó wà lẹ́yìn tiyín. N kò ní ẹ̀tọ́ kankan lórí ilẹ̀ yín, n kò sì wá fi irọ́ sọ pé mo ní in. Ohun tí mo wá tọrọ ni pé kí ẹ fún mi ní ọ̀nà tí ó fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá, ní ìhà ọ̀tún ilé yín, láti títì dé ààlà wa, gẹ́gẹ́ bí àwòrán tí mo so mọ́ ìwé yìí ti fi hàn pẹ̀lú ọ̀dà pupa. Ilẹ̀ náà jẹ́ tiyín, tiyín ni yóò sì máa jẹ́. Àtikọjá nìkan ni mo tọrọ, fún èmi àti ẹnikẹ́ni tí ilẹ̀ ẹ̀yìn bá di tirẹ̀ lẹ́yìn mi, fún ẹsẹ̀ àti ọkọ̀ kékeré, fún ilé kan ṣoṣo tí mo fẹ́ kọ́. Mo sì tọrọ kí n lè ri páìpù omi kan gba abẹ́ ọ̀nà náà.

Ní tèmi, Bàbá, n ó kọ́ ilé ìdáná Màmá padà sí ibi tí àwọn fúnra wọn bá nàka sí, kí a tó fọwọ́ kan èyí tí ó wà. N ó da gíráńáìtì sí ojú ọ̀nà, n ó sì mọ gọ́tà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tí omi yóò fi máa jáde sí títì, kí ó má baà jẹ ìdí ògiri yín. Èmi ni n ó sì máa tún un ṣe. Bí ẹ bá fẹ́ gèètì lẹ́nu ọ̀nà, n ó ṣe é, kọ́kọ́rọ́ kan lọ́wọ́ yín, ọ̀kan lọ́wọ́ mi. Tipa kò ní kọjá ẹnu gèètì. Ní ti owó, mo mọ̀ pé ohun tí mo tọrọ kò kéré. Iye tí a bá jọ fohùn ṣọ̀kan lé ni n ó san, owó lọ́yà tiyín àti tèmi sì wà lọ́rùn mi.

Mo bẹ̀ yín, ẹ fi ìwé yìí han àwọn ọmọ yín kí ẹ tó dá mi lóhùn. N kò kánjú.

Èmi ni ọmọ yín, tí ilẹ̀ rẹ̀ wà lẹ́yìn tiyín."

Ohun tí ó wù mí jù nínú lẹ́tà yìí ni gbólóhùn tí ọ̀pọ̀ yóò kà kọjá, èyí tí ó sọ pé ilé kan ṣoṣo ni. Òfin kò gbà kí ẹni tí a fún ní ọ̀nà sí ilẹ̀ kan máa gbà á lọ sí ilẹ̀ mìíràn tí ó bá tún rà mọ́ ọn. Bí ó bá ra èyí tí ó wà lẹ́yìn tirẹ̀ lọ́la, kò lè fi ọ̀nà yìí dé ibẹ̀ láìtún padà wá tọrọ. Ó ti sọ ọ́ fún Bàbá ṣáájú, ọkàn Bàbá sì balẹ̀ pé kì í ṣe títì gbogbo àdúgbò ni òun ń là. Gbólóhùn kejì ni ti páìpù omi. Ọ̀nà àtikọjá kò ní páìpù nínú, kò ní wáyà iná nínú; ẹni tí kò bá dárúkọ wọn yóò kọ́lé tán, yóò sì máa fi kẹ̀kẹ́ gbé omi gba orí ọ̀nà tí ó sanwó fún. Bẹ́ẹ̀ náà ni àtúnṣe: òfin kò fi dandan lé onílẹ̀ iwájú lórí pé kí ó tún ọ̀nà ṣe fún ẹlòmíràn, nítorí náà ẹni tí ó fẹ́ kọjá ni yóò gbé ṣọ́bìrì. Ti gèètì, onílẹ̀ ní àyè láti fi sí i, bí kò bá ti dí ọ̀nà, ó sì sàn kí olùtọrọ fi tayọ̀tayọ̀ fi í lọ̀ ọ́ ju kí ó wá bá a níbẹ̀ lọ́jọ́ kan pẹ̀lú àgádágodo.

Àbùkù kan wà nínú lẹ́tà náà, n kò ní fi pamọ́. Kò sọ nǹkan kan nípa mángòrò. Igi tí Màmá ń jókòó lábẹ́ rẹ̀ lọ́sàn-án, tí ọmọ-ọmọ ń lé ara wọn yí ká, kì í ṣe ohun tí a ń gé láìdárúkọ rẹ̀. Bí kò tilẹ̀ so mọ́, ó ní ẹni tí ó gbìn ín. Ìbá ti dára bí ó bá sọ bóyá ọ̀nà yóò yà fún un tàbí yóò wó o, kí ó sì fi èrò rẹ̀ sábẹ́ ti Màmá.

Bí Bàbá bá wí pé bẹ́ẹ̀ ni, iṣẹ́ kò tíì parí, ibẹ̀ ni ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ náà ni ọ̀pọ̀ sì ti ń tàsé. Ìdáhùn ẹnu, tàbí lẹ́tà tí Bàbá fi kálàmù kọ "Mo gbà" sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, ìyọ̀ǹda lásán ni. Ó lè bá Bàbá wọ ilẹ̀ lọ, ó sì lè má tẹ̀lé ilé náà lọ́wọ́ ẹni tí ó bá rà á. Lóòótọ́, bí owó bá ti dé ọwọ́ Bàbá, tí obìnrin náà sì ti fi ìgbàgbọ́ nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀ kọ́lé tán, kóòtù lè má jẹ́ kí Bàbá yí ohùn padà. Ṣùgbọ́n ta ni ó fẹ́ fi ìdájọ́ kọ́lé? Lọ́yà ni yóò kọ ìwé àdéhùn tí a fi èdìdì dì, wọnlẹ̀wọnlẹ̀ tí ìjọba fún ní ìwé àṣẹ ni yóò sì ya ọ̀nà náà sínú àwòrán pẹ̀lú nọ́ńbà àwọn òpó rẹ̀. Abala kejìlélógún Òfin Lílo Ilẹ̀ ti 1978 ní kí ẹni tí ó ní ìwé àṣẹ ìjọba lórí ilẹ̀ má ṣe gbé e lé ẹlòmíràn lọ́wọ́ lọ́nà èyíkéyìí láìgba àṣẹ gómìnà, lọ́yà tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ yóò sì béèrè àṣẹ náà fún ìwé ọ̀nà pẹ̀lú. Lẹ́yìn èyí, wọn a fi ìwé náà sílẹ̀ ní ọ́fíìsì tí a ti ń forúkọ ìwé ilẹ̀ sílẹ̀. Kí àwọn ọmọ Bàbá tí ó ti dàgbà wá fi ọwọ́ sí i gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí: ìlú wa kún fún ọ̀nà tí baba fi fúnni tí ọmọ dí.

Bí Bàbá bá sì kọ̀ ńkọ́? Ó ní ẹ̀tọ́ láti kọ̀, a kò sì gbọdọ̀ kà á sí ìkà. Ṣùgbọ́n ìkọ̀sílẹ̀ sábà máa ń ní ìdí tí a lè tọpa rẹ̀: bóyá ó fẹ́ kọ́ ṣọ́ọ̀bù síwájú, bóyá àwọn ọmọ rẹ̀ tí ó wà lókè òkun ni kò fẹ́. Bí ó bá jẹ́ ti ìbú, aládùúgbò tí ó wà lápá kejì ààlà lè fi ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún kún márùn-ún Bàbá, kí ẹrù má baà wọ ẹnìkan ṣoṣo lọ́rùn. Ìwé méjì ni yóò jẹ́ nígbà náà, owó méjì, ọ̀kan kò sì wúlò láìsí èkejì, nítorí náà ọjọ́ kan náà ni kí a fọwọ́ sí wọn. Mo tún mọ ibi tí wọ́n ti fi ilẹ̀ gba ilẹ̀: ẹni ẹ̀yìn gé apá kan nínú tirẹ̀ mọ́ ti ẹni iwájú, òun sì gba ọ̀nà. Bí gbogbo rẹ̀ bá sì já sí asán, kí obìnrin náà padà sọ́dọ̀ ẹbí tí ó tà á fún un, nítorí àwọn ni wọ́n sọ pé ọ̀nà ń bẹ. Afárá lórí odò kékeré yẹn, bí wọ́n bá jọ dá owó rẹ̀, lè má wọ́n ju ohun tí yóò ná ní kóòtù lọ.

Sí ẹ̀yin tí ẹ kò tíì rà, tí ọwọ́ yín ṣì wà lápò, ẹ̀bẹ̀ mi kò ju ẹyọ kan lọ. Ẹ má ṣe ka owó ilẹ̀ ẹ̀yìn sílẹ̀ fún ẹbí kankan títí ọ̀nà rẹ̀ yóò fi hàn nínú àwòrán, tí a kọ ìbú rẹ̀ sí i, tí ẹni tí ó ni ilẹ̀ tí ọ̀nà náà gbà kọjá sì ti fi ọwọ́ sí i. Bí wọ́n bá ní kí ẹ má ṣèyọnu, pé ọ̀nà ń bẹ, ẹ ní kí wọ́n wá fi ẹsẹ̀ rìn ín hàn yín, kí ẹ sì mú wọnlẹ̀wọnlẹ̀ yín dání.